Ojú Owó Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò: Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Ìtanràn Lẹ́yìn Ọ́dítì Owó-Orí

Lẹ́tà tó máa ń kó jìnnìjìnnì bá oníṣòwò ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù kì í gùn. Ó lè má ju ojú ìwé méjì lọ. Èkíní á sọ pé àwọn ọ́dítọ̀ ti yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé owó-orí tí wọ́n ń san látẹ̀yìnwá kò pé. Èkejì á to owó kalẹ̀ lọ́dọọdún, á sì parí sí àpapọ̀ kan nísàlẹ̀. Àpapọ̀ yẹn ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, onílé-iṣẹ́ á ti máa wá ẹni tó mọ ẹni lọ́fíìsì owó-orí, kí ó lè lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun dín ìtanràn kù.

Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ owó ni mò ń ṣe, mo sì ti jókòó ti irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣòwò nígbà tó pọ̀. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sáré bẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìṣirò ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ìtanràn tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí kò dá dúró. Orí owó mìíràn ló gbé ẹsẹ̀ lé. Bí owó yẹn bá ti dín kù, ìtanràn á dín kù fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnì kan ṣàánú ẹnì kan.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú àpapọ̀ ìsàlẹ̀ lẹ́tà yẹn. Èkíní ni ojú owó, ìyẹn owó-orí gan-an tí wọ́n ní ẹ kò san. Èkejì ni ìtanràn, tí òfin ń fi jẹ ẹni tó pẹ́ kó tó san owó-orí tàbí tó san án kù. Ẹ̀kẹta ni èlé, nítorí owó ìjọba tó ti wà lọ́wọ́ yín láti ìgbà tó ti yẹ kí ẹ san án. Ojú owó ni ìtanràn àti èlé ti ń jẹ, gẹ́gẹ́ bí èlé owó tí a yá ṣe ń jẹ láti ara iye tí a yá. Bí ẹ bá gba ojú owó tí kò tọ́, ẹ ti gba ìtanràn àti èlé tí kò tọ́ mọ́ ọn nìyẹn.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà wà lójú òfúrufú, ẹ jẹ́ ká fi ilé búrẹ́dì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣe àpẹẹrẹ. Mo to àpẹẹrẹ náà jọ ni, kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tí n kò tíì rí rí. Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó ni ín ní Alhaja. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá tó ń gba owó oṣù, wọ́n sì máa ń gba àwọn alábàárù tó ń kó ìyẹ̀fun wọlé, tó sì ń kó búrẹ́dì sínú ọkọ̀, pàápàá nígbà Iléyá àti Òjúde Ọba tí ìlú ń kún, àti lóṣù Kejìlá.

Owó-orí tí ọ̀rọ̀ kàn níbí ni èyí tí agbanisíṣẹ́ ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń kọ PAYE sí lójú ìwé. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ san èyí tó yọ ní oṣù kan kí ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Lọ́dọọdún, ó tún gbọ́dọ̀ fi ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Form H1 ránṣẹ́ kó tó di 31 Oṣù Kìíní, níbi tó ti kọ orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, owó tó gbà àti owó-orí tí wọ́n yọ. Ohun tí àwọn ọ́dítọ̀ sábà máa ń ṣe kò le láti lóye: wọ́n á gbé owó òṣìṣẹ́ tó wà nínú ìwé ìṣirò ọdọọdún ilé-iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á gbé ti Form H1 sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á sì sọ pé ẹ kò san owó-orí lórí ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín méjèèjì.

Lẹ́tà dé ọwọ́ Alhaja ní 3 Oṣù Kejì 2025. Ó ní owó-orí ọdún 2021 fi ₦400,000 dín, ti 2022 fi ₦600,000 dín, ti 2023 fi ₦800,000 dín. Ojú owó jẹ́ ₦1,800,000. Lórí èyí, wọ́n ka ìtanràn ní náírà 10 lórí 100 lọ́dún kan, títí dé ìparí ọdún 2024. Èyí jẹ́ ọdún mẹ́ta fún ti 2021, ọdún méjì fún ti 2022, ọdún kan fún ti 2023: ₦120,000, ₦120,000 àti ₦80,000, àpapọ̀ ₦320,000. Wọ́n wá fi èlé lé e ní 27.5 lórí 100 lọ́dún kan fún gbogbo ọdún náà, ó jẹ́ ₦880,000. Gbogbo rẹ̀ wá di ₦3,000,000 gééré.

Alhaja ní, "Ọmọ mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ìtanràn kúrò. Èmi á wá owó tó kù." Bí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn pátápátá, ₦320,000 ni wọn ì bá yọ, Alhaja ì bá sì san ₦2,680,000. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Mo ní, "Alhaja, ẹ jẹ́ ká bèèrè ṣẹ́dúù lọ́wọ́ wọn ná." Ṣẹ́dúù ni ìwé ìṣirò tó fi bí wọ́n ṣe dé orí iye kọ̀ọ̀kan hàn. Lẹ́tà tó bá wá láìní ṣẹ́dúù kò ṣeé dáhùn, nítorí ẹ kò lè mọ ohun tí ẹ ń jiyàn lé lórí. Ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí lẹ́tà bá dé, ẹ sì gba kí wọ́n fi òǹtẹ̀ ìgbàwé sí ẹ̀dà tó kù lọ́wọ́ yín.

Nígbà tí ṣẹ́dúù dé, ohun méjì fara hàn. Èkíní, wọ́n ti da gbogbo owó tí Alhaja san fún àwọn alábàárù pọ̀ mọ́ owó oṣù. Alábàárù kan ń gba ₦1,000 lóòjọ́, kì í sì í ṣiṣẹ́ ju ogún ọjọ́ lọ lóṣù, bẹ́ẹ̀ owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí láàárín 2021 sí 2023 jẹ́ ₦30,000. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni òfin ti sọ pé ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ju iye yẹn lọ kì í san owó-orí lórí rẹ̀. Owó-orí tí wọ́n kà sí Alhaja lọ́rùn nítorí àwọn alábàárù jẹ́ ₦450,000 fún ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkejì, owó dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ máa ń gba àkáǹtì máníjà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta dísẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọ́dítọ̀ rí owó tó ń wọ àkáǹtì máníjà, wọ́n sì kà á sí àlékún owó oṣù rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ₦250,000 nínú owó-orí tí wọ́n ní wọ́n jẹ.

Mi ò sọ pé àwọn ọ́dítọ̀ fẹ́ ni Alhaja lára. Ohun tí ìwé ìṣirò sọ fún wọn ni wọ́n kà. Nínú ìwé Alhaja, owó oṣù, owó alábàárù àti owó tí máníjà fi ra dísẹ́ẹ̀lì wà lábẹ́ àkọlé kan ṣoṣo: "owó òṣìṣẹ́". Ẹni tó bá kọ ìwé bẹ́ẹ̀ ti fún ọ́dítọ̀ ní ọ̀pá tí yóò fi nà án.

Ẹ̀rí la fi ń yọ irú owó bẹ́ẹ̀ kúrò, ẹnu lásán kò lè yọ ọ́. Fún àwọn alábàárù, Alhaja ní ìwé ìsanwó tí wọ́n ń tẹ àtàǹpàkò sí lójoojúmọ́, a sì ka iye ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ lóṣù. Fún dísẹ́ẹ̀lì, a kó rìsíìtì jáde, a sì fi ọjọ́ àti iye orí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan wé owó tó wọ àkáǹtì máníjà. Níbi tí rìsíìtì ti sọnù, a kò béèrè pé kí wọ́n yọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó dun Alhaja, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó ohun tí ẹ kò lè fi ẹ̀rí gbè mọ́ ohun tí ẹ lè fi ẹ̀rí gbè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo rẹ̀.

Ohun tó kù lẹ́yìn èyí ni gbèsè tòótọ́. Ìyẹn wà, kò sì yẹ ká fi pamọ́: Alhaja máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ lóṣooṣù, wọn kì í sì í fi kún owó oṣù tí wọ́n ń yọ owó-orí lára rẹ̀. Ó jẹ́ ₦200,000 fún 2021, ₦350,000 fún 2022, ₦550,000 fún 2023. Ojú owó wá di ₦1,100,000.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìtanràn. Ní 10 lórí 100 lọ́dún kan, ó di ₦60,000, ₦70,000 àti ₦55,000, àpapọ̀ ₦185,000. Ìtanràn ti fi ₦135,000 dín kù kí ẹnikẹ́ni tó kúnlẹ̀.

Ó ku èlé. Òfin owó-orí tó ń darí àwọn ọdún wọ̀nyẹn sọ pé iye tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, fi ń díwọ̀n èlé ni kí wọ́n lò, èyí tí wọ́n ń kọ MPR sí lójú ìwé. Iye yẹn kì í dúró sójú kan. Ó jẹ́ 11.5 nígbà tí ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀, ó gun òkè dé 16.5 nígbà tí ọdún náà parí, ó jẹ́ 18.75 ní ìparí 2023, kò sì dé 27.5 àfi ní Oṣù Kọkànlá 2024. Lẹ́tà Alhaja mú 27.5 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì fi ka èlé padà sẹ́yìn títí dé ìgbà tí iye náà kò tó ìdajì rẹ̀. A kọ̀wé pé iye tó wà lóde lásìkò kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí wọ́n fi ka àsìkò náà. Ọ́fíìsì owó-orí lè jiyàn pé iye tó wà lóde lọ́jọ́ tí wọ́n ń béèrè owó ni òfin ní lọ́kàn, àríyànjiyàn sì ni, kò tíì di ẹjọ́ tí ẹ jàre. Síbẹ̀ ó yẹ kí ẹ kọ ọ́, nítorí ibi tí wọ́n bá ti rí i pé ẹ mọ ìṣirò náà, wọ́n á jókòó bá yín ṣe é.

A wá ìpíndọ́gba ọdún kọ̀ọ̀kan, a sì yọ ìdá wẹ́wẹ́ kúrò: nǹkan bíi 13 fún 2022, 18 fún 2023, 25 fún 2024. Owó-orí 2021 jẹ èlé ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí í ṣe 56 lórí 100, ìyẹn ₦112,000. Ti 2022 jẹ èlé ọdún méjì, 43 lórí 100, ìyẹn ₦150,500. Ti 2023 jẹ 25 lórí 100, ìyẹn ₦137,500. Àpapọ̀ èlé di ₦400,000 dípò ₦880,000.

Ojú owó ₦1,100,000, ìtanràn ₦185,000, èlé ₦400,000: ₦1,685,000. Ẹ rántí pé bí a bá ti gbé ẹ̀bẹ̀ ṣáájú, tí wọ́n sì dárí gbogbo ìtanràn jì wá, ₦2,680,000 ni Alhaja ì bá san. Èyí ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ má kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kankan kí ojú owó tó fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ̀wé pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ìtanràn kù fún wa" láì sọ nǹkan kan nípa ojú owó, ẹni tó kà á lè sọ pé ẹ ti gba ojú owó náà, ó sì nira láti padà sẹ́yìn kúrò níbẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ṣubú, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Láti ọjọ́ tí ìwé ìdíyelé owó-orí bá ti dé ọwọ́ yín, ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún yín láti fi ìwé tako ó. Ti Alhaja parí ní 5 Oṣù Kẹta 2025. Ìpàdé kò dá ọjọ́ yẹn dúró, tẹlifóònù kò dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kò dá a dúró. Àwọn ènìyàn á máa lọ, wọ́n á máa bọ̀, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan á máa sọ fún wọn pẹ̀lú ọ̀yàyà pé "a ó rí sí i", ọgbọ̀n ọjọ́ á sì kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo iye inú lẹ́tà náà ti di gbèsè tó fìdí múlẹ̀, kò sì ku nǹkan kan lọ́wọ́ yín ju àánú lọ.

Nítorí náà, lẹ́tà méjì la kọ, a kò kọ ẹyọ kan. Èkíní jẹ́ àtakò, ó wọlé ní 20 Oṣù Kejì. A kọ ọ́ sí orí rẹ̀ gbọnrangandan pé àtakò lábẹ́ òfin ni. A sọ iye tí wọ́n dá lé wa, iye tí àwa gbà, àti ìdí ìyàtọ̀ náà ní ẹsẹẹsẹ, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìsanwó àti rìsíìtì. Lọ́jọ́ kan náà Alhaja san ₦500,000 lára ojú owó tí a gbà, sínú àkáǹtì ìjọba, a sì so rìsíìtì rẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Owó yẹn ṣe nǹkan méjì: èlé dáwọ́ dúró lórí rẹ̀, ó sì fi hàn pé kì í ṣe pé a ń sá fún gbèsè. Ẹ rí i dájú pé "ojú owó" ni ẹ kọ sí ìdí ìsanwó náà, pẹ̀lú ọdún tó wà fún, kí wọ́n má baà fi san ìtanràn, kí ojú owó sì wà níbẹ̀ tó tún ń jẹ èlé. Ẹ má sì fi náírà kan lé òṣìṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Owó tí kò ní rìsíìtì ìjọba, ẹ kò tíì san án.

Lẹ́yìn àtakò ni wọ́n pè wá sí ìpàdé ìfìwéwé, níbi tí wọ́n ti ń gbé ìwé wọn àti ìwé yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni ojú owó ti fìdí múlẹ̀ ní ₦1,100,000, tí wọ́n sì gba ìṣirò èlé wa. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí sílẹ̀ kí ẹ tó dìde, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni lẹ́tà kejì wá kàn, ìyẹn lẹ́tà ìparí ọ̀rọ̀, tí ẹ̀bẹ̀ ìtanràn wà nínú rẹ̀.

Àwọn òfin owó-orí wa fi àyè sílẹ̀ fún aláṣẹ láti dárí ìtanràn jì, lódindi tàbí lápá kan, bí ìdí tó nílàárí bá wà. Gbogbo iṣẹ́ lẹ́tà kejì ni láti gbé ìdí yẹn kalẹ̀. "Ọjà kò tà" kì í ṣe ìdí, nítorí lára owó òṣìṣẹ́ ni owó-orí yìí ti ń jáde, kì í ṣe lára èrè. "A kò mọ òfin" kò tà fún ilé-iṣẹ́ tó ti ń fi Form H1 ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Ohun tó máa ń wọlé ni pé ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, pé ẹ kò fi ìwé pamọ́ fún àwọn ọ́dítọ̀, pé àṣìṣe òye ló fa àìpé náà, pé ẹ ti san èyí tó pọ̀ jù kí wọ́n tó lé yín, pé ẹ ti tún ọ̀nà ìkọ̀wé yín ṣe. Iná tó jó ìwé, tàbí ikú ẹni tó ń kọ ìwé owó, máa ń wọlé pẹ̀lú, bí ìwé ọlọ́pàá tàbí ìwé ẹ̀rí ikú bá wà nídìí rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fúnra yín kí wọ́n tó bi yín. Bí ẹ kò bá yọ owó náà lára òṣìṣẹ́ rárá, àṣìṣe ìṣirò ni, ẹ sì lè bẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti yọ ọ́ lára owó oṣù wọn, tí ìwé owó oṣù wọn sì fi hàn bẹ́ẹ̀, tí kò wá dé ọ̀dọ̀ ìjọba, owó ọlọ́wọ́ ni ẹ mú. Ẹ̀bẹ̀ lórí irú èyí kì í lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì lè di ẹjọ́. Ti Alhaja jẹ́ irú ti àkọ́kọ́: wọn kò yọ kọ́bọ̀ lára owó ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. A kọ ọ́ sínú lẹ́tà, a sì so ìwé owó oṣù mẹ́rin mọ́ ọn láti fi hàn.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ lẹ́tà náà lọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ohun tí ti Alhaja sọ nìyí:

"Lórí àtakò wa ti 20 Oṣù Kejì 2025 àti ìpàdé tí a jọ ṣe, a gbà pé owó-orí òṣìṣẹ́ fún ọdún 2021 sí 2023 fi ₦1,100,000 dín. A ti san ₦500,000 nínú rẹ̀. A ó san ₦600,000 tó kù láàárín ọjọ́ méje tí ẹ bá ti gba àbá yìí. A ó san èlé ₦400,000 ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, lóṣooṣù. A ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ dárí ìtanràn ₦185,000 jì wá, nítorí pé ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ́dítì yóò rí àìpé lọ́wọ́ wa, pé a kò yọ owó náà lára òṣìṣẹ́ kankan, pé a fún àwọn ọ́dítọ̀ ní gbogbo ìwé tí wọ́n béèrè, àti pé láti oṣù yìí ni a ti ń fi owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ kún owó tí a ń yọ owó-orí lára rẹ̀. A ń dá àbá yìí láti parí ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pátápátá. Bí ẹ kò bá gbà á, kì í ṣe ìjẹ́wọ́, àtakò wa sì dúró bó ṣe wà."

Gbólóhùn méjì tó gbẹ̀yìn ló gba èrò jù nínú lẹ́tà yìí. Àkọ́kọ́ ń ti ilẹ̀kùn ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n má baà gba owó yín tán kí wọ́n sì tún padà wá ka ọdún kan náà ní ọ̀nà mìíràn. Èkejì ń ṣọ́ yín bí àdéhùn bá fọ́. Láìsí i, wọ́n lè gbé iye tí ẹ dá lábàá kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ ti fẹnu ara yín gbà. Bí wọ́n bá kọ àtakò yín pátápátá, wọ́n á fi ìwé sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sì tún ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn owó-orí, tí ẹ̀ka rẹ̀ fún ìhà wa wà ní Ìbàdàn.

Ẹ má da ẹ̀bẹ̀ èlé pọ̀ mọ́ ti ìtanràn. Ìtanràn jẹ́ ìyà, aláṣẹ sì lè dín ìyà kù. Èlé jẹ́ iye tí owó ìjọba ì bá ti mú wá, ọwọ́ wọn kì í yá láti fi sílẹ̀. Alhaja fẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ lórí méjèèjì. Mo ní, "Bí a bá bèèrè gbogbo rẹ̀, wọ́n á rò pé a kò fẹ́ san nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká san èlé, ká fi bèèrè ìtanràn." Lórí èlé, ohun tí ẹ lè bèèrè láìsí wàhálà ni àkókò láti san án díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n dáhùn pé ìdajì ìtanràn ni àwọn lè fi sílẹ̀. ₦92,500 ló kù láti san. Alhaja fẹ́ kí a tún padà lọ, mo sì gbà wọ́n níyànjú pé kí a gbà á. Ìyókù tí a ó tún máa du jẹ́ ₦92,500, bẹ́ẹ̀ èlé lórí ojú owó ₦600,000 tí a kò tíì san ń lọ sókè ní nǹkan bíi ₦13,750 lóṣù kan. Ìjà oṣù méje á jẹ iye tí a ń jà fún run tán, kódà bí a bá jàre.

Ìpinnu ìkẹyìn wá jẹ́ ₦1,592,500. Alhaja san ojú owó tó kù, ₦492,500 tó ṣẹ́kù sì pín sí ₦123,125 lóṣù mẹ́rin. Lára ₦1,407,500 tó dín kù nínú iye àkọ́kọ́, ₦92,500 péré ni ẹ̀bẹ̀ mú wá. Gbogbo ìyókù wá láti inú ṣẹ́dúù, ìwé àtàǹpàkò, rìsíìtì dísẹ́ẹ̀lì àti àtúnṣe ìṣirò èlé.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tí ọ́dítì rẹ̀ bá jẹ́ ti ọdún 2026 síwájú: òfin tuntun ti ọdún 2025 lórí owó-orí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 Oṣù Kìíní 2026, ó sì ní ìwọ̀n owó-orí àti ìtanràn tirẹ̀. Bí a ṣe ń to lẹ́tà kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé 10 lórí 100 tí mo lò níbí lọ bá ọdún wọ̀nyẹn.

Nígbà tí Alhaja san ìdá kẹrin tán, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. A dúró gba lẹ́tà ìparí láti ọ́fíìsì náà, tó dárúkọ ọdún 2021, 2022 àti 2023 lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sọ iye tí wọ́n san, iye ìtanràn tí wọ́n dárí jì, àti pé kò sí gbèsè mọ́ lórí ọdún wọ̀nyẹn. Ó gbà wá ní ìrìn ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó jáde. Ìwé ẹ̀rí owó-orí sísan máa ń wo ọdún mẹ́ta tó ṣáájú, ẹni tó bá sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti ṣe é lè má jẹ́ ẹni tí ẹ bá ṣe ìpàdé. Ohun tó bá rí lójú ìwé ni yóò tẹ̀ lé. Alhaja fi lẹ́tà náà sínú fáìlì kan pẹ̀lú rìsíìtì márààrún tó kù lẹ́yìn ₦500,000 àkọ́kọ́, wọ́n sì ṣe ẹ̀dà méjì: ọ̀kan wà ní ilé búrẹ́dì, ọ̀kan wà nílé.